Àkàbà Ọlọ́dún Mẹ́jọ

Èmi kì í ṣe onísùúrù èèyàn, kí n tètè sọ ọ́ ná. Iṣẹ́ mi ni láti bá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ṣètò owó wọn. Ohun tó sì máa ń bí mi nínú jù lọ ni kí àgbàlagbà jókòó síwájú mi, kó ní òun ò fẹ́ wàhálà, owó tó ń wọlé déédéé lòun ń wá, kó sì tún bi mí kí ìṣẹ́jú kan tó pé pé èwo ló ń san èlé tó pọ̀ jù. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ọ̀kan níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní ẹnu mi ti mú jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi kì í fi mí sílẹ̀.

Bàbá Eléyín ò bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn wa wá. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn dókítà eyín. Òun ló ń gbẹ́ eyín, ìyàwó rẹ̀ ló ń yan àwọ̀, torí kò sí eyín èèyàn tó funfun bíi bébà, ojú obìnrin náà ló sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín funfun kan àti òmíràn. Bí ọkùnrin náà ṣe jókòó, ẹnu mi ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú mi.

"Ọmọ mi, ta ló ṣe ti apá òsì yẹn fún ọ?"

Mo ní dókítà kan ni.

"Kò gbìyànjú," ló wí, ó sì gbé fáìlì rẹ̀ lé orí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wá kò gùn. Wọ́n ti ta ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ̀rọ inú rẹ̀ àti orúkọ rere tó ní, ọgọ́rin mílíọ̀nù lowó tó wà nílẹ̀. Ọ̀gá ara wọn ni wọ́n, kò sí ẹni tó fẹ́ san owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Ìyàwó rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ ń gbàgbé, ó wá kan iná sítóòfù, nígbà tó tún yá, ó ń gbàgbé ọ̀nà ilé. Dókítà ní ilé ìtọ́jú tó ní nọ́ọ̀sì tọ̀sán-tòru ló yẹ ẹ́. Oríṣi yàrá méjì ló wà nílé ìtọ́jú ọ̀hún. Ọ̀kan wà lókè, èèyàn mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀, àlejò ò sì gbọdọ̀ wọlé àfi láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Èkejì wà nísàlẹ̀, ẹnì kan ló ń gbé e, àga gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọkọ lè wá láàárọ̀ kó má lọ títí ìyàwó fi máa sùn.

"Tìsàlẹ̀ ni mo fẹ́," ni Bàbá wí. "Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta la ti jọ ń jókòó nínú yàrá kan náà. Wákàtí méjì ò tó mi."

Mo ṣírò rẹ̀. Tí mo bá pa owó yàrá ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ oúnjẹ tiẹ̀ àti owó ilé, mílíọ̀nù mẹ́jọ àti irinwó ẹgbẹ̀rún ló nílò lọ́dún. Tó bá jẹ́ tòkè ni, mílíọ̀nù mẹ́jọ géérégé máa tó o.

"Ohun kan wà o," ló wí. "Èlé la fẹ́ máa ná. Ojú owó ò gbọdọ̀ dín. Ti ọmọ wa obìnrin ni, ìyá rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́ tẹnìkan lórí ẹ̀."

Mo fa bébà kan yọ, mo ya àkàbà sí i. Gbogbo oníbàárà ni mo máa ń yà á fún. Ọ̀pá mẹ́jọ ló ní. Mo ṣàlàyé pé bọ́ǹdì ni ìwé tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú: wọ́n á kọ iye èlé àti ọjọ́ ìsanpadà sórí ẹ̀, tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á dá ojú owó padà pátá.

"Tá a bá ra ọlọ́dún kan nìkan," mo ní, "ọdọọdún la máa tún lọ bá ọjà ṣe àdéhùn tuntun. Tí èlé bá já wálẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo owó yín ló bá a wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tá a bá sì kó gbogbo ẹ̀ sí ọlọ́dún mẹ́jọ, tí èlé bá lọ sókè, ẹ máa jókòó ti èlé àtijọ́ fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Tí ẹ bá wá ní ẹ fẹ́ tà á kí ọjọ́ tó pé, iye tí ọjà bá pè é lẹ máa gbà."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"A máa pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, mílíọ̀nù mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọ̀kan á pé lọ́dún tó ń bọ̀, ìkejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún kẹjọ. Èyí tó bá ti pé, a máa gba owó ẹ̀, a máa fi ra ọlọ́dún mẹ́jọ tuntun, a máa gbé e sórí àkàbà lókè pátápátá. Lọ́dọọdún, ọ̀pá kan ṣoṣo nínú mẹ́jọ ni ọjà lè fọwọ́ kàn. Ìyókù ń san iye tá a ti ṣàdéhùn ẹ̀."

Ó wo bébà náà pẹ́. Ó ní ó jọ iṣẹ́ òun, pé èèyàn kì í tú gbogbo eyín ẹnu oníbàárà torí ọ̀kan tó ń mì. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi fúnra mi rèé o. Nígbà yẹn, bọ́ǹdì tó ṣeé gbára lé ń san mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn túmọ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ́dún lórí gbogbo owó Bàbá, iye tó tó yàrá òkè nìkan. Irinwó ẹgbẹ̀rún ló kù kí ó tó ti ìsàlẹ̀. Mo wá a títí. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì kan ló gbé bọ́ǹdì jáde lọ́sẹ̀ náà, ọlọ́dún méje àti ọlọ́dún mẹ́jọ, méjèèjì ń san méjìlá. Ilé-iṣẹ́ náà dúró dáadáa, kò jẹ gbèsè tó ju agbára ẹ̀ lọ. Tí mo bá fi méjèèjì ṣe ọ̀pá keje àti ìkẹjọ, irinwó ẹgbẹ̀rún ọ̀hún pé géérégé.

Mo ka ìwé àdéhùn rẹ̀ tán, torí mo máa ń kàwé tán. Ó wà ní ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n pé lẹ́yìn ọdún kẹta, ilé-iṣẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó onówó padà ní ọjọ́kọ́jọ́ tó bá wù ú, láì dúró de ọdún keje tàbí ìkẹjọ. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìgbà tí èlé bá wálẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ṣe é, kí wọ́n lè lọ yá owó tí kò wọ́n níbòmíràn, wọ́n á sì dá owó Bàbá padà fún un ní àsìkò tí kò ní rí ibi tó dára fi í sí. Torí ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń san méjìlá. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn láìmọye ìgbà pé irú bọ́ǹdì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀pá àkàbà, torí ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà, ó lè yọ ọ́ nígbà tó bá wù ú.

Mo ní lọ́kàn mi pé èlé ò ní wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ wọn tó pé. Mo tún ní bàbá yìí yẹ lẹ́ni tí àá ṣe é fún. Mo pa ìwé náà dé. Mi ò sọ fún un. Mo kàn ya ọ̀pá keje àti ìkẹjọ bíi tàwọn yòókù, mo kọ ọdún wọn sí i, mo ní bó ṣe máa rí nìyẹn. Ó fọwọ́ sí i.

Ní ọdún kìíní, èlé lọ sókè. Ìwé ìṣirò tá a máa ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà jáde, ó gbé iye tí ọjà ń pe bọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ yẹn síbẹ̀, gbogbo wọn sì ti wálẹ̀. Ọmọ Bàbá obìnrin ló kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kíkọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, ohùn ẹ̀ sì lè dá ọkọ̀ dúró. Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ kó tó gun òkè dé.

"Ẹ̀gbọ́n, owó Bàbá mi ti dín ní mílíọ̀nù márùn-ún. Àwọn báńkì ń san méjìlá báyìí. Ẹ ta gbogbo ẹ̀, ká kó o lọ síbẹ̀."

Bàbá wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. Mo gbé omi fún un. Mo wá yíjú sí ọmọ ẹ̀.

"Àbúrò, ta ló fẹ́ ta á?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ ta á, ṣùgbọ́n..."

"Tí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ ta á, kò tíì dín. Bọ́ǹdì tó ń san mẹ́wàá ni tiyín, àwọn tuntun ń san méjìlá, kò sẹ́ni tó máa ra mẹ́wàá ní iye kan náà, àfi kí ẹ bá a dín owó ẹ̀. Ìyẹn ni nọ́ńbà tó ò ń wò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá owó yín ṣì máa san mílíọ̀nù mẹ́wàá pé lọ́jọ́ tó bá pé. Èlé tó ń san ò sì dín ní kọ́bọ̀. Tó o bá tà á lónìí, nígbà yẹn lowó ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ."

"Méjìlá ti báńkì ńkọ́?"

"Ọdún kan ṣoṣo ni. Tí ọdún kan bá pé, tí wọ́n ní mẹ́fà ni, ta lo fẹ́ bá jà?"

Mo wá fi èyí tó dùn hàn án: ọ̀pá kìíní pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. A gba mílíọ̀nù mẹ́wàá padà láì dín, a fi ra ọlọ́dún mẹ́jọ tuntun ní méjìlá. Igba ẹgbẹ̀rún ló fi kún owó tó ń wọlé. Oṣù kejì ẹ̀, ilé ìtọ́jú fi igba ẹgbẹ̀rún kún owó yàrá, a kàn gba owó yẹn lápá kan, a gbé e sí èkejì. Bàbá ní èmi nìkan ni obìnrin tó lè pariwo mọ́ ọmọ òun kí ọmọ náà sì dúpẹ́. Mo gbéra ga lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́. Ọ̀pá kejì pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a tún un rà ní mẹ́wàá, kò sí ohun tó yí padà.

Láàárín ọdún méjèèjì yẹn, mo máa ń yà kí wọn nílé ìtọ́jú tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Bàbá á ti jókòó sórí àga gígùn láti aago mẹ́jọ, á máa ka ìwé ìròyìn sókè fún Ìyá, á sì máa bínú sí àwọn tó kọ ọ́. Ìyá ò mọ orúkọ mi mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mo wọlé tí kì í wo ẹnu mi, kó ní, "Ti apá òsì ṣókùnkùn díẹ̀." Bàbá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní òun náà rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe gbígbẹ́ lòun rò pé ó jẹ́, Ìyá ló mọ̀ pé àwọ̀ ni.

Ní ọdún kẹta, èlé já. Ó já bí ẹrù tó já lórí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti dé mẹ́fà. Mo ní àkàbà la kọ́, ẹ̀rù ò bà wá. Ọ̀pá kẹta pé, a máa tún un rà ní mẹ́fà, irinwó ẹgbẹ̀rún ló máa dín nínú owó tó ń wọlé. Bàbá ti ní ìwọ̀nba owó tó tọ́jú fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a sì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ọdún kẹta pé ni lẹ́tà ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì dé. Ìlà mẹ́fà péré ló ní. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ń fi tó wa létí pé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ tó wà nínú àdéhùn, àwọn máa san bọ́ǹdì ọlọ́dún méje àti ọlọ́dún mẹ́jọ padà lópin oṣù, ojú owó àti èlé tó bá wà lórí ẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

Mo kà á nígbà mẹ́ta. Ogún mílíọ̀nù tó ń san méjìlá fẹ́ padà wá sọ́wọ́ wa, mẹ́fà la sì máa rí fún un. Mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún ni yóò dín lọ́dún. Pa á pọ̀ mọ́ ti ọ̀pá kẹta, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún. Irinwó ẹgbẹ̀rún ibẹ̀, ti àkàbà ni. Ìyókù, tèmi ni.

Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá ọ̀gá mi. Ó kà á, ó ṣí ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, ó tì í.

"Ó bófin mu," ó ní. "Ó wà nínú ìwé, bàbá náà sì fọwọ́ sí i. Sọ fún un pé ọjà ló yí padà. Kì í ṣe irọ́."

Kì í ṣe irọ́ lóòótọ́. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo sì rò ó dáadáa, torí èèyàn lèmi náà. Mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa rọrùn tó lẹ́nu mi. Bàbá máa gbà á gbọ́. Ohun tó mú mi lọ nìyẹn. Mo dìde, mo kó ìwé sínú báàgì, mo lọ sílé ìtọ́jú lọ́sàn-án gangan.

Ìyá ń sùn lórí ibùsùn, ó kọjú sí fèrèsé. Bàbá wà lórí àga rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin jókòó sórí pèpéle fèrèsé, kò ní akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo kí wọn, mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: lẹ́tà dé, ọ̀pá méjì máa yọ kúrò lórí àkàbà, owó tó ń wọlé máa di mílíọ̀nù méje, ohun tí wọ́n ń ná sì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún.

Ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò pariwo rárá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. "Ẹ̀gbọ́n, èlé ti wálẹ̀. Àwọn tó kù lórí àkàbà, tó ń san mẹ́wàá àti méjìlá, owó wọn á ti lọ sókè lọ́jà, àbí? Ṣé ká ta àwọn yẹn?"

Ó ti mọ iṣẹ́ ju ìgbà yẹn lọ. Mo ní lóòótọ́ ni owó wọn ti lọ sókè, ṣùgbọ́n tá a bá tà wọ́n, mẹ́fà la máa fi owó náà rà. Èrè tá a bá jẹ lónìí, èlé tá a máa pàdánù lọ́la ni. Àwọn ọ̀pá yẹn ló ṣì ń gbé e ró.

"Kí ló kù?"

"Ọ̀nà méjì ló kù. Ẹ lè gbé Ìyá lọ sí yàrá òkè, kí ẹ sì dín ìnáwó kù, ojú owó á wà bó ṣe wà. Tàbí kí ẹ dúró síbí, kí ẹ máa mú díẹ̀ lára ọ̀pá tó bá pé lọ́dọọdún, kí ẹ fi ìyókù ra tuntun. Àkàbà náà á máa kéré sí i. Tí owó yàrá bá dúró síbi tó wà, ó lè gbé yín fún bí ọdún mẹ́rìndínlógún. Tó bá ń lọ sókè, ká sọ pé méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́."

"Bàbá, ẹ jẹ owó yín," ni ọmọ ẹ̀ wí. "Mo ń ṣiṣẹ́. Mi ò bi yín léèrè owó rí."

Ọwọ́ Bàbá wà lórí aṣọ ìbora ìyàwó rẹ̀, ó ń tẹ́ ibi tó hunjọ. Ọmọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Bàbá mi orí pé òun gbọ́, ó sì ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò ní gbé Ìyá kúrò níbí.

Ó wá gbójú sókè wò mí. "Bọ́ǹdì símẹ́ńtì yẹn, àwọn tó ṣe é ṣàdéédéé rò ó ni, àbí ó ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti wà nínú ìwé, Bàbá."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀. Mo kà á kí n tó rà á. Yàrá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ rí, irinwó ẹgbẹ̀rún ló sì kù. Mo rò pé kò ní ṣẹlẹ̀. Mi ò sọ fún yín."

Ọmọ rẹ̀ la ẹnu, Bàbá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, obìnrin náà pa ẹnu dé. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Mo ní tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn máa bójú tó owó òun, mo máa ṣètò ẹ̀ lónìí. Mo ní mo lè san díẹ̀ lára owó náà fúnra mi. Ó ní kí n má sọ ìyẹn mọ́.

"Èyí tó o fẹ́ fi rọ́pò àwọn tó yọ ńkọ́?"

"Ti ìjọba ni. Ọlọ́dún mẹ́rin àti ọlọ́dún márùn-ún, kí wọ́n lè bọ́ sí àyè àwọn tó lọ. Mẹ́fà ni wọ́n ń san. Kò sẹ́ni tó lè dá a padà kí ọjọ́ tó pé."

"Jókòó, kà á fún mi. Láti ojú ìwé kìíní."

Mo jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, mo sì kà á. Gbogbo ẹ̀. Mo ka ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, mo ka ọjọ́ ìsanwó èlé, mo ka ohun tí wọ́n máa ṣe tí ọjọ́ ìsanwó bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi. Ibi tí kò bá yé e, ó dá mi dúró, mo ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó yẹ Ìyá wò, ó jáde. Ó gbà wá ju wákàtí méjì lọ. Nígbà tí mo ka ìlà tó kẹ́yìn, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì fọwọ́ sí i. Ọmọ rẹ̀ jáde lọ wá tíì.

Ìgbà tí mo ń kó àwọn ìwé jọ ni Bàbá tó sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, kò wò mí.

"Tó o bá bi mí lọ́jọ́ yẹn, màá ní kó o rà á."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà, Bàbá."

"Dúró ná. Ìyá yìí ò fẹ́ wá síbí, ṣé o mọ̀? Ó ní owó ọmọ la fẹ́ fi sanwó yàrá. Mo fi bébà tó o yà hàn án, orí ẹ̀ ṣì pé lọ́jọ́ yẹn. Ó tọ́ka sí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó bi mí nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá nǹkan kan lè yọ ọ́ kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Ìgbà mẹ́jọ ló bi mí. Ìgbà mẹ́jọ ni mo ní kò sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ di ẹrù ara ẹ̀."

Mo gbé àwọn ìwé sílẹ̀.

"Ká ní mo mọ̀ ni, màá sọ ọ́ fún un. Ó lè gbà, ó sì lè kọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ló máa pinnu. Ní báyìí tí mo fẹ́ fọwọ́ kan owó yẹn, kò sí ẹni tí mo lè lọ bá kí n sọ pé mo ti yí ohùn padà. Mo ń wò ó láàárọ̀ títí di alẹ́, mi ò sì lè sọ ọ́ fún un kó yé e."

Ìyá mí kanlẹ̀ lójú oorun. Bàbá na ọwọ́, ó fa aṣọ dé èjìká rẹ̀. Mo dìde, ó ní kí n rọra ti ilẹ̀kùn.